Àbúrò mi, ta ló fọwọ́ sí i fún ọmọ rẹ?

Àbúrò mi, mo mọ̀ pé o kì í fẹ́ kí ọmọ rẹ gbẹ́yìn nínú ohunkóhun tí ilé ìwé bá gbé dé. Tí olùkọ́ bá fi líǹkì sórí gúrúùpù WhatsApp àwọn òbí láàárọ̀, tó ní kí gbogbo ọmọ ti wọlé sórí áàpù tuntun kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì torí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ àṣetiléwá yóò máa wà, kíá lo ti gbà á sórí fóònù. O kọ orúkọ ọmọ, o kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, o fi fọ́tò rẹ̀ sí i, o tẹ "I agree", o sì padà sídìí ọbẹ̀ rẹ. Ìyá wo ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Àmọ́ ó yẹ ká jọ wo títẹ̀ yẹn dáadáa. Ta ló yọ̀ǹda kí wọ́n gba àkọsílẹ̀ ọmọ náà, kí sì ni ó yọ̀ǹda pé kí wọ́n fi ṣe?

Má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni mo ń sọ. Áàpù tí ilé ìwé fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé fún wa gan-an ni mo ń sọ, torí a kì í fura sí ohun tó bá ti ọwọ́ olùkọ́ wá.

Ọ̀rọ̀ Edmodo

Ní ọdún 2008 ni wọ́n dá Edmodo sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Olùkọ́ á ṣí kíláàsì sórí rẹ̀, á fún àwọn ọmọ ní kóòdù, ọmọ á fi kóòdù náà wọlé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba iṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá a padà, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń bá olùkọ́ sọ̀rọ̀. Èyí tí wọ́n ń sanwó fún wà, ti ọ̀fẹ́ náà wà. Nígbà tí Kòrónà ti ilé ìwé pa ní 2020, irú áàpù bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ káàkiri ayé sá lọ bá.

Edmodo ń gba orúkọ ọmọ, ímeèlì rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù. Ohun tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n fóònù náà ní ohun tí òun ń sọ lábẹ́lẹ̀ láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ ohunkóhun: irú fóònù tó jẹ́, àti nọ́ńbà tí wọ́n lè fi dá a mọ̀ nígbàkígbà tó bá tún padà wá. Irú nọ́ńbà yìí ni àwọn oníṣòwò ìpolówó fẹ́ràn jù. Kò mọ orúkọ ọmọ rẹ, àmọ́ ó mọ̀ pé fóònù tó wá lánàá ló tún wá lónìí, ó sì lè kó ohun tó ṣe lọ́jọ́ méjèèjì pọ̀.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, tí wọ́n ń pè ní FTC, gbé ọ̀rọ̀ náà síta. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan Edmodo ni pé ó ń lo àkọsílẹ̀ àwọn ọmọdé láti fi ìpolówó hàn wọ́n, kò sì gba àṣẹ òbí kó tó ṣe é. Òfin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní COPPA, láti 1998. Ó ní ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ gba àkọsílẹ̀ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún òbí, kó sì gba ìyọ̀ǹda tí wọ́n lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

O lè ní, ṣé olùkọ́ wá máa jókòó máa dúró de àṣẹ ìyá àti bàbá ogójì ọmọ kó tó kọ́ wọn ní ìṣirò? Ohun tí FTC gbà nípa ìyẹn ni pé ilé ìwé lè dúró ní ipò òbí kó sì yọ̀ǹda, ṣùgbọ́n nítorí ẹ̀kọ́ nìkan. Tó bá ti di pé wọ́n fẹ́ fi àkọsílẹ̀ náà ṣòwò, àṣẹ ilé ìwé ò dé ibẹ̀ mọ́. Bí ìgbà tí o fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n mú ọmọ rẹ lọ wo Òkè Olúmọ ni: ìwé yẹn kò sọ pé kí ayàwòrán tó bá wọn lọ máa ta fọ́tò ọmọ rẹ kiri Abẹ́òkúta.

Ọ̀nà tí Edmodo gbà ṣe é ló kó mi nírìíra jù. Ó kọ ọ́ sínú àdéhùn tó wà lórí áàpù rẹ̀ pé àwọn ilé ìwé ló ni gbogbo ẹrù òfin yẹn lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì ṣàlàyé fún ilé ìwé dáadáa ohun tí òun ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ àti ohun tí òun ń fi ṣe, tí ilé ìwé ì bá fi lè sọ fún òbí. Wo bó ṣe rí, àbúrò mi. Òbí rò pé ilé ìwé ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ilé ìwé rò pé ilé iṣẹ́ tó ṣe áàpù mọ òfin. Ilé iṣẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé ìwé ló gba àṣẹ. Àwọn mẹ́ta ló jọ wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, kò sì sí ẹnì kankan nínú wọn tó mọ ohun tó ń yọ̀ǹda fún. Orúkọ ìyọ̀ǹda wà nínú ìwé, ìyọ̀ǹda gan-an kò sí.

Ohun kejì tí FTC rí ni pé Edmodo kì í da nǹkan nù. Títí di 2020, gbogbo àkọsílẹ̀ tó ti gbà ló wà níbẹ̀ láì ní ọjọ́ tí yóò pa á rẹ́. Àkáǹtì akẹ́kọ̀ọ́ bíi mílíọ̀nù 36 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn tó ṣì ń lò ó nínú wọn kò ju bíi mílíọ̀nù kan lọ. Àwọn yòókù ti jáde, wọ́n ti yí ilé ìwé padà, àwọn mìíràn ti di géńdé, ọjọ́ ìbí wọn ṣì wà níbẹ̀. Ewu rẹ̀ kì í ṣe àfẹnusọ, torí ní 2017 àwọn olè wọlé sí Edmodo, wọ́n jí àkọsílẹ̀ àkáǹtì tó lé ní mílíọ̀nù 70. Ohun tí kò bá sí nílé, olè ò lè rí i gbé.

Owó ìtanràn tí wọ́n bù fún wọn jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là. Wọn kò rí i san, ìjọba sì dá gbígbà á dúró torí pé ọwọ́ wọn ti gbẹ. Edmodo fúnra rẹ̀ ti kógbá wọlé láti oṣù Kẹsàn-án 2022. Ṣùgbọ́n àṣẹ kan tó wà nínú ìdájọ́ náà ni mo fẹ́ kí o dì mú: wọn ò gbọdọ̀ sọ pé àfi tí ọmọ bá fún àwọn ní àkọsílẹ̀ tó ju èyí tí iṣẹ́ ẹ̀kọ́ náà nílò lọ ni yóò tó lè kópa. Òṣùwọ̀n tí ìwọ náà lè lò nínú ilé rẹ nìyẹn.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa ńkọ́?

Nàìjíríà náà ní òfin báyìí. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 2023 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ ará ìlú, àjọ kan sì wà tó ń mójú tó o, NDPC ni wọ́n ń pè é. Apá 31 nínú òfin náà dá lórí ọmọdé. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ gba àkọsílẹ̀ ọmọ gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda òbí tàbí alágbàtọ́, kó sì ní ọ̀nà gidi tí yóò fi mọ ọjọ́ orí ọmọ náà. Ọmọdé nínú òfin wa ni ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, kì í ṣe 13 bíi ti Amẹ́ríkà. Òfin kan náà ló sọ pé dídákẹ́ kì í ṣe ìyọ̀ǹda, pé ẹni tó ń gba àkọsílẹ̀ ló máa fi hàn pé wọ́n yọ̀ǹda fún òun, àti pé ẹni tó bá yọ̀ǹda lánàá lè gbà á padà lónìí.

Má sọ pé ẹ̀gbọ́n rẹ fi àyè kan pamọ́ fún ọ: òfin náà yọ àwọn nǹkan kan sílẹ̀, lára wọn ni iṣẹ́ ẹ̀kọ́ tàbí ìtọ́jú ìlera tí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ de láti pa àṣírí mọ́ bá ń ṣe. Ilé ìwé lè sá sábẹ́ ìyẹn. Bí mo ṣe kà á sí, ẹ̀kọ́ ló bò, kò bo ìpolówó. Ibi kan náà tí Edmodo ti kọsẹ̀ ni.

Ká jọ wo fọ́ọ̀mù kan

Ká ní ọmọ rẹ wà ní Prímárì Kẹta, áàpù iṣẹ́ àṣetiléwá ni wọ́n ní kí ẹ gbà. Ó ṣí, ó béèrè orúkọ àti orúkọ bàbá, ọjọ́ ìbí, fọ́tò, ímeèlì, nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì ilé. Lẹ́yìn náà ló ní kí o jẹ́ kí òun mọ ibi tí fóònù wà, kí òun wo àwọn nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀, kí òun sì lo ẹ̀rọ tó ń gbóhùn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí o máa bi ara rẹ ní ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan: tí n kò bá fún wọn ní èyí, ṣé ọmọ mi ò ní lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni?

Orúkọ: olùkọ́ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ni iṣẹ́. Orúkọ kan pẹ̀lú lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ bàbá rẹ̀ ti tó. Tí Adéọlá méjì bá wà ní kíláàsì, "Adéọlá K" ti yà wọ́n.

Ọjọ́ ìbí: kíláàsì tó wà ti sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Tí áàpù bá fi dandan lé e, fi ọdún tí wọ́n bí i gan-an sí i, kí o sì mú ọjọ́ kìíní oṣù kìíní. Ọjọ́ ìbí tó péye pẹ̀lú orúkọ tó péye ni wọ́n fi ń ṣe ayédèrú ẹni lọ́jọ́ iwájú, àwọn méjèèjì kò sì gbọdọ̀ pàdé níbi tí kò yẹ. Ìwé tí ọ́fíìsì ilé ìwé tọ́jú tàbí ìwé ìdánwò ìjọba yàtọ̀ o, òótọ́ pọ́nbélé ni kí o kọ síbẹ̀. Má sì ṣe kọ 1990 kí áàpù lè gba ọmọ ọdún mẹ́jọ wọlé. Tí o bá sọ ọ́ di àgbà lórí fóònù, ìpolówó àgbà ni wọ́n á máa fi hàn án, ààbò tí òfin ṣe fún ọmọdé á sì fò ó kọjá. Áàpù tó bá ní ọmọ gbọ́dọ̀ pé 13, kì í ṣe ti ọmọ Prímárì Kẹta, ẹni tó bá sì fi í ránṣẹ́ sí kíláàsì ló yẹ kó wá ṣàlàyé.

Fọ́tò: àwòrán òdòdó tàbí ológbò á ṣe é. Olùkọ́ rẹ̀ ti mọ ojú rẹ̀.

Ímeèlì àti nọ́ńbà: tìrẹ ni kí o fi sí i, kì í ṣe ti ọmọ. Ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn gan-an. Tó bá jẹ́ Gmail lò ń lò, o lè fi àmì àròpọ̀ àti ọ̀rọ̀ kan kún orúkọ rẹ, báyìí:

```
orukore+ileiwe@gmail.com
```

Àpótí rẹ kan náà ni lẹ́tà á bọ́ sí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ilé ìtajà kan tí o kò mọ̀ rí bá kọ̀wé sí "+ileiwe", o ti mọ ọ̀dọ̀ ẹni tó ti rí i. Àwọn fọ́ọ̀mù kan kì í gba àmì yẹn, èyí tó bá gbà á, lò ó.

Àdírẹ́sì ilé, ibi tí fóònù wà, àwọn nọ́ńbà inú fóònù: iṣẹ́ àṣetiléwá ò nílò ìkankan nínú wọn. Ti àwọn nọ́ńbà yẹn burú jù, torí pé ti ẹ̀gbọ́n, ti àbúrò, ti oníbàárà rẹ ni ò ń kó jáde láì bi wọ́n. Ẹ̀rọ tó ń gbóhùn nìkan ló lè ní ìdí, bí ọmọ bá ní láti kàwé sókè kí olùkọ́ gbọ́. Jẹ́ kó gbà á nígbà tó bá ń lò ó nìkan.

Fóònù rẹ gan-an

Kí o tó gba áàpù lórí Google Play, fà á sísàlẹ̀ títí o fi rí "Data safety". Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ ohun tí wọ́n ń gbà àti ohun tí wọ́n ń pín fún ẹlòmíràn, àti bóyá o lè ní kí wọ́n pa á rẹ́. Àmọ́ fi sọ́kàn pé ẹni tó ṣe áàpù ló fi ẹnu ara rẹ̀ kọ ọ́. Tó bá kọ pé òun ń pín nǹkan, gbà á gbọ́. Tó bá kọ pé òun kì í pín, ṣì máa wò ó.

Tó bá ti wà lórí fóònù, lọ sí "Settings", "Apps", tẹ áàpù náà, tẹ "Permissions". Wàá rí gbogbo ohun tí o ti gbà á láàyè láti ṣe. Èyí tí kò bá ní ìdí, tẹ "Don't allow". Tí áàpù bá ń ṣiṣẹ́ lọ láìsí wàhálà lẹ́yìn ìyẹn, kò nílò rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìyẹn.

Nọ́ńbà ìpolówó tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, o lè pa á rẹ́ lórí fóònù Android: "Settings", "Google", "Ads", lẹ́yìn náà "Delete advertising ID". Lórí àwọn fóònù mìíràn, abẹ́ "Privacy" ló wà. Lórí iPhone, lọ sí "Privacy & Security", tẹ "Tracking", kí o pa "Allow Apps to Request to Track". Kò ní lé gbogbo ìpolówó lọ o. Ohun tó máa ṣe ni pé áàpù kan kò ní lè fi nọ́ńbà yẹn so ọmọ rẹ pọ̀ mọ́ ohun tó ṣe lórí áàpù mìíràn. Àwọn ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè gbà dá fóònù mọ̀ ṣì wà, pàápàá tí ìwọ fúnra rẹ bá ti kọ ímeèlì sí i.

Ohun tí wàá kọ sí ilé ìwé

Mo mọ ohun tó ń dẹ́rù bà ọ́. O ò fẹ́ kí wọ́n pè ọ́ ní ìyá oníjàgídíjàgan. Má kọ ọ́ sórí gúrúùpù, fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé ìwé níkọ̀kọ̀, kí o sì bu ọ̀wọ̀ fún wọn. Irú èyí á ṣe é:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ wa. Mo ti rí áàpù tí ẹ ní ká gbà. Ẹ jọ̀ọ́, kí n tó kọ orúkọ ọmọ mi sí i, mo fẹ́ mọ nǹkan mẹ́rin. Kí ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ? Ṣé wọ́n ń fi ṣe ìpolówó tàbí pín in fún ẹlòmíràn? Ìgbà wo ni wọ́n máa pa á rẹ́ bí ọmọ bá kúrò? Ta ló fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú wọn ní orúkọ ilé ìwé? Títí tí mo fi máa gbọ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ jẹ́ kó máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ sínú ìwé. Ẹ ṣeun gan-an, Mà."

Ìbéèrè kẹrin yẹn ni ojú ọ̀rọ̀. Ní ilé ìwé púpọ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Olùkọ́ kan rí áàpù náà, ó dùn mọ́ ọn, ó fi líǹkì ránṣẹ́. Kì í ṣe ẹni burúkú, ó fẹ́ kí iṣẹ́ rọrùn ni. Ṣùgbọ́n tí wọn kò bá rí ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ, wọ́n ti dáhùn rẹ̀ nìyẹn: kò sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Tí wọ́n bá sì sọ fún ọ pé "gbogbo òbí yòókù ti ṣe é", rántí pé ìyẹn kò sí nínú ohun mẹ́rin tí o béèrè. Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, tí ilé iṣẹ́ tó ni áàpù náà kò sì dá ọ lóhùn, o lè gbé ẹjọ́ lọ sí NDPC. Tọ́jú àwòrán fọ́ọ̀mù náà àti lẹ́tà tí o kọ, torí àwọn ni ẹ̀rí rẹ.

N kò ní tàn ọ́ pé gbogbo rẹ̀ ló ṣeé gbà padà. Fọ́tò tàbí ọjọ́ ìbí tó bá ti dé ọwọ́ oníṣòwò kẹta, tí ẹni yẹn náà ti fún ẹlòmíràn, òfin lè bá wọn wí, kò lè rí i kó tán. Ìdí nìyí tí agbára rẹ fi pọ̀ jù kí o tó tẹ bọ́tìnì, tó sì ń dín kù lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun ìkẹyìn, torí ibẹ̀ ni gbogbo wa ti ń gbàgbé: tí ọmọ bá parí ọdún ẹ̀kọ́ tàbí tó yí ilé ìwé padà, má kàn yọ áàpù kúrò lórí fóònù. Yíyọ ọ́ kúrò ń dá àyè padà fún fóònù rẹ ni, àkáǹtì ọmọ ṣì wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà, bí ti àwọn mílíọ̀nù ọmọ tó ti kúrò lórí Edmodo ṣe wà. Kọ́kọ́ wọ inú áàpù, wá "Delete account". Tí kò bá sí, kọ ímeèlì sí wọn pé o gba ìyọ̀ǹda rẹ padà, kí wọ́n pa gbogbo àkọsílẹ̀ ọmọ rẹ rẹ́, kí wọ́n sì kọ̀wé sí ọ nígbà tí wọ́n bá ṣe é tán. Ìgbà tí èsì wọn bá dé ni kí o tó yọ áàpù náà kúrò.